Ta ló sọ fún yín pé fọ́tò tí wọ́n gé ìka kúrò létí ẹ̀ ti bàjẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jàre. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò gbé àwòrán kan wá pé ká bá òun wò ó. Ìyá àgbà kan ló jókòó tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín téèyàn ò lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un rín, ìmọ́lẹ̀ bà wọ́n lójú dáadáa, gbogbo ẹ̀ hàn kedere. Àléébù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ìka ọmọ náà fúnra ẹ̀ tó yọ sínú fọ́tò nísàlẹ̀ lápá òsì, ó pọ́n, ó rí bàìbàì. Ni ọ̀gá kan, àwọn tó ti ń yàwòrán tipẹ́ o, bá ní kó pa á rẹ́. Wọ́n ní ayàwòrán gidi kì í gé àwòrán, pé téèyàn bá ti gé e pẹ́nrẹ́n, kúálítì ti lọ nìyẹn. Ọmọ yẹn sì ti fẹ́ pa á rẹ́ lóòótọ́!

Kì í ṣe ọ̀gá yẹn nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ ọ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti kúálítì, torí òun ni wọ́n máa ń fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ kéékèèké. Fáìlì tí ọmọ yẹn gbé wá, píksẹ́lì 6000 ní ìbú, 4000 ní gíga, mílíọ̀nù 24 lápapọ̀, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ gan-an ni. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, mo súùmù wọ igun tí ìka wà, mo rí i pé òun àti òjìji ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 300 píksẹ́lì lọ láti etí òsì. Mo gé 320 kúrò lápá òsì, kí fọ́tò náà má bàa yàtọ̀ ní ìrísí, mo tún gé 216 kúrò nísàlẹ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan ju ilẹ̀ lásán lọ. Ohun tó kù ni 5680 sí 3784, ìyẹn mílíọ̀nù 21 àtààbọ̀. Ohun tí ẹ̀ ń pariwo pé ó pa fọ́tò ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, etí lásán sì ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ fọ́tò jáde sórí ìwé A3, ìwé ńlá yẹn o, ní 300 píksẹ́lì fún ínǹṣì kan, 4961 sí 3508 lẹ nílò. Ó ṣì ṣẹ́ kù! Ojú tẹlifíṣọ̀n 4K gan-an ò ju 3840 sí 2160 lọ. Mo ti tẹ àwọn fọ́tò tí mo gé okùn kámẹ́rà kúrò lára wọn jáde fún àwọn kọ́sítọ́mà mi, ńlá ńlá, kò tíì sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé tí fọ́tò òun fi kéré.

Èyí tó kù, tẹ́ ò bá gbà mí gbọ́ ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ ṣí fọ́tò tẹ́ ò tíì gé nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ gé e, ẹ fi èyí tẹ́ ẹ gé pamọ́ bíi PNG, kẹ́ ẹ wá gbé e lé orí ti àkọ́kọ́ kí gbogbo ẹ̀ bá ara wọn mu gẹ́gẹ́, kẹ́ ẹ yan Difference níbi tí wọ́n kọ Mode sí. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó ń yọ ọ̀kan nínú èkejì, ibi tí méjèèjì bá ti jọra á dúdú. Ẹ ó rí i pé dúdú ṣíún ni gbogbo ibi tí èyí tẹ́ ẹ gé bò mọ́lẹ̀. Ojú ìyá yẹn, ìrun wọn, ìlà inú aṣọ wọn, kò sí píksẹ́lì kan tó yí padà. Gígé ò fọwọ́ kan ohun tó kù, ó kàn gbé etí kúrò ni.

Ẹ ó ní ṣé bí JPEG ni fọ́ọ̀nù ń lò, pé téèyàn bá tún un fi pamọ́ ó ń bàjẹ́ sí i. Ó ń bàjẹ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, tẹ́ ẹ sì fi kúálítì sí 95, kò sí ojú tó máa rí i. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ rárá, jpegtran wà, ètò kọ̀ǹpútà kan tẹ́ ẹ máa tẹ àṣẹ fún ni, òun máa ń gé JPEG láìtún un fún pọ̀ rárá:

```
jpegtran -copy all -crop 5680x3784+320+0 -outfile tuntun.jpg atijo.jpg
```

Nọ́ńbà 320 yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Inú JPEG, àwòrán pín sí àwọn àpótí kéékèèké, èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ píksẹ́lì 16 sí 16, àárín àpótí sì ni jpegtran ò lè là. Tẹ́ ẹ bá kọ 310 síbẹ̀, á padà sẹ́yìn sí 304 láìbi yín, ó sì lè fi etí ìka mú-ín báyìí sílẹ̀ fún yín, ẹ ó wá máa ní kò ṣiṣẹ́. Ohun tó bá ṣeé fi 16 pín geere ni kẹ́ ẹ máa kọ.

Ó yá, "ayàwòrán gidi kì í gé àwòrán". Ẹnu Henri Cartier-Bresson ni wọ́n ti máa ń mú èyí jáde, ayàwòrán ọmọ Faransé yẹn tí kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan etí fọ́tò òun. Ẹ jẹ́ á wá wo fọ́tò ẹ̀ tó lókìkí jù, èyí tó yà ní 1932 lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Saint-Lazare ní Paris, ọkùnrin tó ń fò lórí omi tí òjìji ẹ̀ ń fò nísàlẹ̀ ẹ̀. Àárín pákó ọgbà kan ló ti ń yọjú yà á, àlàfo àárín pákó méjì yẹn ò sì fẹ̀ tó lẹ́ńsì ẹ̀. Pákó bá dí apá òsì fọ́tò, ó dúdú, ó rí bàìbàì, gẹ́lẹ́ bí ìka tàbí okùn kámẹ́rà ṣe máa ń rí. Kí ni wọ́n ṣe sí i? Wọ́n gé e ni! Wọ́n gé òsì, wọ́n tún mú díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀, èyí tí wọ́n gé yẹn sì ni gbogbo ayé mọ̀. Ó fúnra ẹ̀ ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pákó yẹn. Tí ẹni tí ẹ fi ń búra bá gé tiẹ̀, kí lẹ wá ń bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fà sí?

Ohun tó tún máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ń lo DSLR tí ò wọ́n ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń le lẹ́nu wọn jù. Ihò tí wọ́n ń fojú sí lára kámẹ́rà yẹn, nǹkan bí 95% ìbú àti gíga fọ́tò ló ń fi hàn wọ́n. Nínú 6000 píksẹ́lì, nǹkan bí 150 wà lápá kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń yà á ò rí rárá nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an sì ni okùn máa ń fara pamọ́ sí! Etí tẹ́ ò rí, tẹ́ ò sì yàn, ni ẹ wá ń ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn.

Wọ́n tún máa ń ní dípò kéèyàn gé e, kó fi kílóònù pa á rẹ́, kó da ilẹ̀ tàbí ògiri mìíràn bo ìka yẹn. Fún fọ́tò inú ilé tèmi ò lè bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Narciso Contreras, tó wà lára àwọn ayàwòrán iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2013 lórí ogun Síríà. Kámẹ́rà fídíò akẹgbẹ́ ẹ̀ yọ sígun ìsàlẹ̀ fọ́tò kan, ó bá mú ilẹ̀ láti ibòmíràn bò ó mọ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní 2014 iléeṣẹ́ náà lé e, wọ́n sì kó fọ́tò ẹ̀ kúrò ní gbangba. Òfin iléeṣẹ́ kan náà yẹn gbà kéèyàn gé àwòrán o! Gígé ni wọ́n gbà, bíbò ni wọn ò gbà, ẹ̀yin wá yí i po.

Mo mọ ìdí tí àwọn kan fi gé tiwọn tí ò dáa, ibi tí wọ́n gé e sí ni. Ìka wà lẹ́nu lẹ́ńsì gan-an, lẹ́ńsì ò lè mú un dáadáa, torí náà kò ní etí gidi, ńṣe ló ń ṣá díẹ̀díẹ̀ wọnú fọ́tò. Téèyàn bá yà á ní f/2.8, tí ojú lẹ́ńsì ṣí gbàgà, òjìji yẹn á fẹ̀ gan-an, ní f/11 tí ojú lẹ́ńsì kéré, á mọ níwọ̀n. Ibi tí ojú ti rí òpin ìka kọ́ ni òpin ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gé e síbẹ̀, ìlà kan tó pọ́n díẹ̀ á ṣẹ́ kù létí, ẹ ò ní mọ ohun tó ń dà yín láàmú. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa kọ́kọ́ fa kọ́ńtírásì lọ sókè dé ògógóró, tó fi jẹ́ pé fọ́tò á burú ojú, òjìji yẹn á wá yọ síta gbangba. Tó bá jẹ́ okùn dúdú lára ògiri dúdú ni, ibi òkùnkùn ni mo máa ń tàn. Mo máa sàmì sí ibi tó parí sí, mo máa dá kọ́ńtírásì padà, mo wá máa gé e kọjá àmì yẹn díẹ̀.

Ó dáa, mo gbà, àwọn kan wà tí gígé ò lè gbà là. Tí ìka bá ti dé ojú èèyàn, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gé. Fúláàṣì fóònù náà wà níbẹ̀: tí ìka bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, iná á bà á, á sì ta pupa káàkiri gbogbo fọ́tò, tẹ́ ẹ bá gé etí, pupa yẹn ṣì wà láàárín. Ìyẹn, ẹ tún un yà tó bá ṣeé ṣe.