“Kò Ní Ìdàkejì, Torí Náà Kò Ní Ìdáhùn”: Ọ̀rọ̀ Yìí Kì Í Ṣe Òótọ́

Mo ti bá gbólóhùn kan pàdé nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ débi pé mo ti máa ń mọ ibi tó máa yọjú sí: “77 kò ní ìdàkejì nínú mọ́dúlọ́sì 182, torí náà ìṣirò yìí kò ní ìdáhùn.” Wọ́n á fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á sì bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn. Apá àkọ́kọ́ gbólóhùn yẹn tọ̀nà. Apá kejì ló ṣìnà, ó sì ṣìnà jìnnà, torí pé ìṣirò tí wọ́n ní kò ní ìdáhùn yẹn, ìdáhùn méje ló ní.

Ìbéèrè náà rèé:

77x ≡ 35 (mod 182)

Ohun tó ń béèrè ò le. Nọ́ńbà wo la máa fi sọ 77 di púpọ̀, tí a bá wá fi 182 pín èsì rẹ̀, tí 35 á ṣẹ́kù? Àmì onílà mẹ́ta yẹn, Gáọ́ọ̀sì, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ló gbé e jáde lọ́dún 1801. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àṣẹ́kù apá òsì àti ti apá ọ̀tún bára mu. 182 tí à ń fi pín ni mọ́dúlọ́sì. Ìdàkejì 77 ní tiẹ̀ ni nọ́ńbà tí a bá fi sọ 77 di púpọ̀, tí a sì fi 182 pín in, tí 1 péré á ṣẹ́kù.

Ẹ wo ìtumọ̀ ìgbẹ̀yìn yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wá ìdàkejì, àṣẹ́kù kan ṣoṣo ló ń wá, ìyẹn 1. Tí a bá sọ pé 77 kò ní ìdàkejì, ohun tí a sọ ni pé kò sí ọ̀nà tí 77 máa gbà ṣẹ́ 1 kù. A ò tíì sọ ohunkóhun nípa 35. Ẹni tí kò lè dé ìlú kan, ìyẹn ò ní kó má lè dé ìlú mìíràn.

Kí ni 77 wá lè ṣẹ́ kù? 77 àti 182, 7 ló pín àwọn méjèèjì láìṣẹ́kù: 7 lọ́nà 11 ni 77, 7 lọ́nà 26 sì ni 182. Nọ́ńbà yòówù kí a fi sọ 77 di púpọ̀, èsì rẹ̀ á jẹ́ ìlọ́po 7. Tí a bá wá yọ 182 kúrò nínú rẹ̀ títí tí kò fi ní ṣeé yọ mọ́, ìlọ́po 7 là ń yọ nínú ìlọ́po 7, torí náà ìlọ́po 7 náà ló máa ṣẹ́kù. Àwọn àṣẹ́kù tó ṣeé ṣe kò ju 0, 7, 14, 21, 28, 35 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 175. Gbogbo wọn jẹ́ 26. 1 ò sí láàárín wọn, ìdí nìyẹn tí ìdàkejì kò fi sí. Ṣùgbọ́n 35 wà níbẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn níbí. Àwọn x tí a lè dán wò, láti 0 dé 181, jẹ́ 182. Ìjókòó tó wà nílẹ̀ fún wọn jẹ́ 26. Tí a bá fi 26 kún x kan, 77 lọ́nà 26 ló kún èsì, ìyẹn 2002, tó sì jẹ́ 182 lọ́nà 11 géérégé. Àṣẹ́kù ò ní yí padà rárá. Nítorí náà, lórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, x méje ló máa jókòó papọ̀, kò ní dín, kò ní lé. Èyí tó já sí ni pé irú ìbéèrè yìí kì í ní ìdáhùn kan: bí kò bá ní ìdáhùn méje, kò ní ìkankan.

Mo mọ ibi tí èrò òdì yẹn ti wá, mi ò sì dá ẹni tó ní in lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ kọ́ ìṣirò yìí pẹ̀lú mọ́dúlọ́sì bíi 7 tàbí 13, àwọn nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín wọn bí kò ṣe 1 àti àwọn fúnra wọn. Níbẹ̀, yàtọ̀ sí 0, gbogbo nọ́ńbà ló ní ìdàkejì, torí náà “wá ìdàkejì, fi sọ ọ́ di púpọ̀” á máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Tí ó bá wá di ọjọ́ tí ìdàkejì ò sí, ó dà bíi pé ọ̀nà ti tán. Kọ̀ǹpútà gan-an tún máa ń ti èrò náà lẹ́yìn. Ẹni tó bá tẹ èyí sínú Python máa rí ìkìlọ̀ tó le:

```
>>> pow(77, -1, 182)
ValueError: base is not invertible for the given modulus
```

Òótọ́ ni kọ̀ǹpútà sọ. Ìdàkejì lẹ béèrè, ó sì ní kò sí. Ẹ ò tíì bi í nípa 35.

Báwo la ṣe máa rí àwọn ìdáhùn náà láìdán nọ́ńbà 182 wò lọ́kọ̀ọ̀kan? Ọ̀nà pípín léraléra ni, èyí tí Yúkílíìdì ará Gíríìkì ti kọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Kristi. À ń fi kékeré pín ńlá, a ó mú àṣẹ́kù, a ó fi àṣẹ́kù náà pín kékeré, a ó sì máa bá a lọ títí àṣẹ́kù á fi di 0:

182 = 2·77 + 28
77 = 2·28 + 21
28 = 1·21 + 7
21 = 3·7 + 0

Àṣẹ́kù tó kẹ́yìn kó tó kan 0 ni 7. Òun ni nọ́ńbà tó tóbi jù lọ tó pín 77 àti 182 láìṣẹ́kù, ìyẹn àjọpín wọn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró síbí, wọ́n á ní “kì í ṣe 1, ó ti tán.” Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. 7 yẹn ló ń sọ iye ìdáhùn, àwọn ìlà tó wà lókè rẹ̀ ló sì máa fún wa ní ìdáhùn náà tí a bá gùn wọ́n padà láti ìsàlẹ̀.

Ìlà kẹta sọ fún wa pé 7 = 28 − 21. Ìlà kejì sọ pé 21 jẹ́ 77 − 2·28. Tí a bá fi rọ́pò rẹ̀, a ní 7 = 28 − 77 + 2·28, ìyẹn 3·28 − 77. Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé 28 jẹ́ 182 − 2·77, torí náà 7 = 3·182 − 6·77 − 77, tó já sí:

7 = 3·182 − 7·77

Ibi tí ọwọ́ ti máa ń yẹ̀ jù ni ibi ìrọ́pò yìí, pàápàá àmì ìyọkúrò. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń ṣírò ìlà kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń kọ ọ́: 3·28 jẹ́ 84, 84 − 77 jẹ́ 7, ó dára. 3·182 jẹ́ 546, 7·77 jẹ́ 539, ó ṣẹ́ku 7, ó dára. Ìlà tí kò bá já sí 7, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà, kò sí ìdí láti lọ síwájú.

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ń sọ pé 77 lọ́nà −7 bá 7 mu nínú mọ́dúlọ́sì 182. Ṣùgbọ́n 35 là ń wá, 35 sì jẹ́ 7 lọ́nà 5. Ẹ jẹ́ ká sọ −7 náà di ìlọ́po 5, ó di −35. Ẹ fi 182 kún un, ó di 147. Ìdáhùn kan nìyẹn. Àwọn yòókù wà ní ìgbésẹ̀ 26 síra wọn bí a ṣe rí i lẹ́ẹ̀kan, torí náà gbogbo wọn ni 17, 43, 69, 95, 121, 147 àti 173. Ẹ dán 17 wò: 77 lọ́nà 17 jẹ́ 1309, 182 lọ́nà 7 jẹ́ 1274, 35 ló ṣẹ́kù.

Àwọn mìíràn mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi 7 pín ìbéèrè náà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n á pín 77 di 11, wọ́n á pín 35 di 5, wọ́n á wá fi 182 sílẹ̀ bó ṣe wà:

11x ≡ 5 (mod 182)

Àṣìṣe yìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ó fara sin. 11 ní ìdàkejì nínú mọ́dúlọ́sì 182, iṣẹ́ á lọ geere, ìdáhùn tó sì máa jáde ni 17. Ẹ dán an wò nínú ìbéèrè àtilẹ̀wá, ó tọ̀nà! Ẹni tó ṣe é á yẹ̀ ẹ́ wò, inú rẹ̀ á dùn, á sì kọjá lọ, láìmọ̀ pé ìdáhùn mẹ́fà ti sọnù sẹ́yìn rẹ̀. Àyẹ̀wò ò lè tú u fó, torí pé ohun tó kọ sílẹ̀ kọ́ ló ní àléébù, ohun tí kò kọ ni. Iye ìdáhùn nìkan ló lè tú u fó: tí àjọpín bá jẹ́ 7, tí ẹ sì rí ẹyọ kan, ẹ padà.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé a ó pín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mọ́dúlọ́sì pẹ̀lú:

11x ≡ 5 (mod 26)

Ìdàkejì tí wọ́n ní kò sí ti wá dé báyìí. Ìlà tó gbẹ̀yìn wa lókè, tí a bá fi 7 pín in, á di 1 = 3·26 − 7·11. Ìdàkejì 11 jẹ́ −7, ìyẹn 19. 19 lọ́nà 5 jẹ́ 95, tí a bá yọ 78, ó ku 17. Nínú mọ́dúlọ́sì 26, ìdáhùn kan ṣoṣo ni. Nínú 182 tí wọ́n fi bi wá, ẹyọ kan yẹn ló tú ká di méje. Ẹni tó bá fẹ́ rí i lójú ara rẹ̀ lè tẹ èyí:

```
>>> [x for x in range(182) if 77*x % 182 == 35]
[17, 43, 69, 95, 121, 147, 173]
```

Ó wá ku ìgbà tí “kò sí ìdáhùn” fi jẹ́ òótọ́. Ẹ yí 35 padà sí 36. 7 kò pín 36, ó ń ṣẹ́ 1 kù, torí náà 36 ò sí láàárín ìjókòó 26 yẹn, kò sì sí x kankan tó lè débẹ̀. Ẹ kọ “kò sí ìdáhùn” níbẹ̀, ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí i: pé 7 kò pín 36. Ẹ má kọ ọ́ pé 77 kò ní ìdàkejì, torí pé ìdí kan náà yẹn ni ẹ bá fi pa ìdáhùn méje ti 35 rẹ́.