Ẹ̀yin dókítà Abẹ́òkúta tó ń múra OET, lẹ́tà ni kí ẹ ṣọ́ra fún

Ẹ̀yin dókítà wa tó wà ní Ìdí-Àbà, ní Ìjàyè àti ní Lántòrò, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣa owó jọ fún ìdánwò àti físà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ohun tí a máa ń gbọ́ láti ilé ni pé, "Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi, kí ni wọ́n tún fẹ́ dán wò lára mi?" Èrò yẹn ló ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà. OET, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣẹ́ ìlera, kò bi yín bóyá ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá dókítà tí kò rí yín rí lè ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe, àti bóyá aláìsàn á lè sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù lójú yín.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ìdánwò náà pín sí: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ. Máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ láti 0 dé 500. GMC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, ń béèrè ó kéré tán 350 nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nínú ìjókòó kan náà. Bí ẹ bá gba 450 nínú mẹ́ta, tí ẹ wá gba 340 nínú kíkọ, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa padà wá ṣe, owó tuntun lẹ sì máa san. Nọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ yín lè sọ fún yín pé 300 ti tó nínú kíkọ. Kò purọ́, àmọ́ NMC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ló gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn. Dókítà kò sí níbẹ̀.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kíkọ ló ń dá dókítà wa padà jù lójú tèmi, ìdí sì ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Wọ́n á fún yín ní àkọsílẹ̀ nípa aláìsàn kan, ojú ìwé kan tàbí méjì. Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ wà fún kíkà nìkan, ìṣẹ́jú 40 tó tẹ̀ lé e sì wà fún kíkọ lẹ́tà. Ìwọ̀n lẹ́tà náà, tí ẹ bá yọ àdírẹ́sì àti ìkíni kúrò, jẹ́ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 180 sí 200. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n rán yín sí: ta ni ẹ ń kọ̀wé sí, kí sì ni ẹ fẹ́ kó ṣe. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè á ti ná ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí àwọn ohun tí kò ní wúlò.

Nílé, bí ẹ bá ń gbé aláìsàn láti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì lẹ máa ń dà sínú lẹ́tà, torí kò sí ọ̀gá tó máa bá yín wí pé ẹ kọ ọ́ jù. Inú OET, àṣejù yẹn ń gba máàkì lọ́wọ́ yín. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n fún yín ti ní ìdọ̀tí nínú, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó o síbẹ̀ ni, kí wọ́n lè rí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó yọ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tó jọ tiwọn. Ìyáàfin Káàtà jẹ́ ẹni ọdún 58, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ó bí ọmọ mẹ́ta, àjà kẹta ilé tí kò ní ẹ̀rọ agbénisókè ló ń gbé. Wọ́n ti yọ apẹ́ńdíìsì rẹ̀ ní 1992. Ó wúkọ́ lọ́dún tó kọjá, ó sì ti lọ. Ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún 10 sẹ́yìn. Ó ń mu sìgá 10 lójúmọ́. Ọkàn ló pa bàbá rẹ̀ ní ẹni ọdún 54. Pẹnisilíìnì máa ń mú kí ara rẹ̀ sú. Orúnkún ń dùn ún, ó sì ti ń ra aybupurofẹ́ẹ̀nì fúnra rẹ̀ lò láti oṣù méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ló kọ́kọ́ wá, ó ní àyà ń fún òun bí òun bá ń gun àtẹ̀gùn, tí òun bá sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 158/94, ẹ gbé amlodípìn rẹ̀ láti 5 sí 10 miligíráàmù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ dá a padà sí 5, ẹ fi ramipríìlì kún un. Lónìí, ìrora náà ṣì wà bó ṣe wà, kò pọ̀ sí i, kì í sì í mú un tó bá jókòó. Lílù ọkàn tí ẹ fi ẹ̀rọ yà kò ní àléébù. Ẹ fún un ní asipiríìnì 75 miligíráàmù àti òògùn tí wọ́n ń fín sábẹ́ ahọ́n. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ̀wé sí dókítà ọkàn.

Apẹ́ńdíìsì, ikọ́ ọdún tó kọjá àti iye ọmọ, ẹ jù wọ́n nù láìbojú wẹ̀yìn. Àjà kẹta kò gbọdọ̀ dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ilé. Inú gbólóhùn tó ń sọ ìgbà tí ìrora ń bẹ̀rẹ̀ ló ti wúlò. Ẹsẹ̀ wíwú, gbólóhùn kan péré, torí òun ló jẹ́ kí ẹ yí òògùn padà, dókítà ọkàn kò sì gbọdọ̀ tún gbé amlodípìn náà sókè láìmọ̀. Pẹnisilíìnì gba ọ̀rọ̀ díẹ̀.

Orúnkún ni pàkúté ibẹ̀. Ó dà bíi pé kò kan ọkàn rárá, ọ̀pọ̀ ló sì ń yọ ọ́ dànù tìgboyà-tìgboyà. Àmọ́ aybupurofẹ́ẹ̀nì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ga, ó ń ni kíndìnrín lára tó bá pàdé ramipríìlì, ó sì ń fi kún ewu ìṣẹ̀jẹ̀ inú lọ́dọ̀ ẹni tó ń lo asipiríìnì. Ẹ lè má dárúkọ orúnkún ju ìgbà kan lọ, ṣùgbọ́n òògùn yẹn gbọdọ̀ wọ lẹ́tà. Nítorí náà, kì í ṣe "ṣé àìsàn ọkàn ni?" ni kí ẹ máa bi ara yín. Ẹ bi ara yín pé, "Bí mi ò bá sọ ọ́, ṣé dókítà yìí lè ṣèpinnu tó léwu?"

Ètò rẹ̀ wá kù. Máàkì ọ̀tọ̀ wà fún ète lẹ́tà, 3 ni gbogbo rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń wá ni pé kí ète náà hàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún wá fẹ̀ ẹ́ lójú nísàlẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ ọ́: mo ń darí Ìyáàfin Káàtà, ẹni ọdún 58, sí yín fún àyẹ̀wò ìrora àyà tó ń mú un nígbà tó bá ń gun àtẹ̀gùn, tí mo fura pé ọkàn ló ti ń wá. Ìpínrọ̀ kejì á sọ bí ìrora náà ṣe rí àti ohun tí ẹ rí lónìí. Ìkẹta á kó ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, ikú bàbá rẹ̀ àti àwọn òògùn pọ̀. Ìparí á sọ pàtó ohun tí ẹ ń tọrọ: àyẹ̀wò síwájú sí i àti ìmọ̀ràn lórí òògùn. "Ẹ ṣeun fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yín" tí a máa ń fi parí lẹ́tà nílé kò sọ nǹkan kan.

Bí wọ́n bá wá lo àkọsílẹ̀ kan náà, tí wọ́n ní kí ẹ kọ̀wé sí nọ́ọ̀sì tó ń ran àwọn amusìgá lọ́wọ́ láti jáwọ́, lẹ́tà míì nìyẹn pátápátá. Iye sìgá, iye ọdún àti ìgbà tó ti gbìyànjú rí ló máa gba iwájú. Ìyípadà amlodípìn á dìdọ̀tí. Ìdí nìyí tí lẹ́tà àkọ́sórí tí wọ́n ń tà lórí Wasáàpù fi ń ja èèyàn kulẹ̀. Kò mọ ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí.

Ìkékúrú tí ẹ máa ń kọ ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, ẹ fi sílẹ̀. 3/7 àti 2/52 kò gbọdọ̀ dé inú lẹ́tà. Ẹ kọ ọjọ́ mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ méjì ní kíkún ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má fi àìsàn pe èèyàn. Ìyáàfin Káàtà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹ bá ń gbára dì nílé, ẹ pa ohun tó ń tún sípẹ́lì ṣe lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ yí fóònù sí ìṣẹ́jú 40. Tí lẹ́tà yín bá ń dé ọ̀rọ̀ 240, ẹ má wá ọ̀rọ̀ kúkúrú láti fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ìwífún ni kí ẹ yọ, torí ẹ kò tíì yàn.

Ní ti sísọ, eré méjì ni, ẹ̀yin á ṣe dókítà, ẹnì kan á ṣe bí aláìsàn, ìṣẹ́jú 5 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fún yín ní ìṣẹ́jú 3 láti ka káàdì tí wọ́n kọ iṣẹ́ yín sí. Ẹni tó ń ṣe aláìsàn kọ́ ló ń fún yín ní máàkì. Wọ́n ń gba ohùn yín sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Nílé, èrò wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, a sì ti mọ bó ṣe ń lọ: "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ga, ẹ lo òògùn yín, ẹ má jẹ iyọ̀. Ẹni tó kàn!" Ó yé wa ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ yàtọ̀ sí máàkì èdè, wọ́n tún ní máàkì fún bí ẹ ṣe ń bá aláìsàn lò, bí ẹ ṣe ń gbọ́ èrò ọkàn rẹ̀, bí ẹ ṣe ń béèrè àti bí ẹ ṣe ń ṣàlàyé. Káàdì tirẹ̀ ní ìbẹ̀rù kan tó wà nínú rẹ̀ tí kò sí lórí tiyín. Ẹ ń sọ ti sìgá lọ́wọ́, Ìyáàfin Káàtà kàn sọ wẹ́rẹ́ pé, "Báyìí ni ti bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀." Bí ẹ bá ti orí ìyẹn kọjá lọ sí ọ̀rọ̀ sìgá, ẹ ti pàdánù máàkì. Ẹ dúró. Ẹ bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ̀ àti ohun tó ń rò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣàlàyé, nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ní kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tó yé e. Bí ìṣẹ́jú 5 bá pé tí iṣẹ́ kan ṣì kù lórí káàdì, ìyẹn nìkan kò já yín.

Ẹ má fi dókítà ẹlẹgbẹ́ yín ṣe aláìsàn nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ, torí ohun gbogbo ló ti yé e. Ẹ wá ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tí kò ka ìmọ̀ ìṣègùn, ẹ fún un ní ìbẹ̀rù kan tó máa fi pamọ́, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀, kí ẹ sì ka iye gbólóhùn tí ẹ sọ léraléra kí ẹ tó dákẹ́ fún un. Tó bá ti ju mẹ́ta lọ, ìwàásù lẹ ń ṣe.