Rárá o, ìrètí pé ṣíà á gòkè kọ́ ló ń bu iye lé kọ́ọ̀lù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ̀wé dáadáa, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an máa ń sọ ọ́: pé ọ́pṣọ̀n ò yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́, tó bá dá ẹ lójú pé ṣíà á gòkè, san owó gidi lórí kọ́ọ̀lù rẹ̀, tí ò bá dá ẹ lójú, san kékeré. Ó bọ́gbọ́n mu létí, àmọ́ kì í ṣe òótọ́, mo sì lè fi ìṣirò tí ọmọ sẹ́kọ́ńdírì lè ṣe hàn yín.

Ká tó bẹ̀rẹ̀, ọ́pṣọ̀n ni ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà tàbí láti tà á ní iye tá a ti fẹnu kò lé lórí, èyí tó jẹ́ ẹ̀tọ́ láti rà ni kọ́ọ̀lù. Ti Yúróòpù ni èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá parí nìkan lẹ lè lò ó, kò kan ibi tí ẹni tó rà á ń gbé o, ẹ lè wà ní Òṣogbo.

Ẹ wo ṣíà kan tó ń lọ ní ₦110 lónìí. Tó bá fi máa di ìparí àsìkò wa, ó lè di ₦132 tàbí kó di ₦88, kò sí ọ̀nà kẹta. Ẹni tó bá yá owó á san èlé ₦10 lórí ₦100 láàárín àsìkò yẹn. Kọ́ọ̀lù tá à ń sọ yìí jẹ́ ti ṣíà 12, ní ₦110 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ṣíà bá gòkè, èrè ₦22 wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ₦264. Tó bá já wálẹ̀, ẹ ju bébà yẹn nù.

Ẹnì kan wá sọ pé ó dá òun lójú, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló máa gòkè, ó mú ìdá yẹn nínú ₦264, ó yọ èlé kúrò, ó ní ₦216 ló tọ́. Ẹnì kejì ní ṣebí owó ẹyọ la sọ sókè yìí, èyí tó bá wù ú ló máa já, ó ní ₦120. Àwọn méjèèjì mọ ìṣirò wọn, àwọn méjèèjì ló sì máa pàdánù sọ́wọ́ ẹni tó bá mọ nǹkan tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ẹ ra ṣíà 6, ₦660 nìyẹn. Ẹ yá ₦480 nínú owó yẹn, kẹ́ ẹ fi ₦180 látinú àpò yín kún un. Tí àsìkò bá pé, gbèsè ti di ₦528. Tí ṣíà bá gòkè, 6 yẹn ti di ₦792, ẹ san gbèsè, ₦264 ló kù lọ́wọ́ yín. Tó bá já wálẹ̀, ₦528 ni wọ́n tó, gbèsè gbé gbogbo ẹ̀ lọ, òfo ló kù. ₦264 tàbí òfo, ohun tí kọ́ọ̀lù máa ń san gan-an nìyẹn, láì dín láì lé! Nǹkan méjì tó ń san ohun kan náà ní gbogbo ọ̀nà ò lè jẹ́ iye méjì, torí náà ₦180 ni kọ́ọ̀lù.

Ẹ má bi mí pé níbo ni mo ti rí 6. Mo fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ṣíà méjèèjì, ₦44, pín ₦264 ni. Èyí tó kù rọrùn, ìwọ̀n tí ṣíà 6 máa tó tó bá já wálẹ̀ ni gbèsè tó yẹ kẹ́ ẹ san, ₦528, ẹ fi 1.1 pín in, ó di ₦480. Ẹ tún un kà kẹ́ ẹ wò ó, mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ṣíà á gòkè.

Ẹni tó ní ₦216, ẹ ta kọ́ọ̀lù fún un, ẹ fi ₦180 ra ohun tá a tò sókè yìí, ₦36 ti di tiyín lónìí, ohun tẹ́ ẹ tò á fúnra ẹ̀ san ohun tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ ta ní ₦120, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ yá ṣíà 6 kẹ́ ẹ tà á ní ₦660, lẹ́yìn ₦120 yẹn ẹ yá ẹlòmíì ní ₦480, ₦60 ló ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ ìparí, ₦528 tí wọ́n máa san padà fún yín tó ra ṣíà 6 tó bá já wálẹ̀, tó bá sì gòkè, kọ́ọ̀lù á fi ₦264 kún un.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn ti máa ń jí dìde ni fọ́múlà. Tẹ́ ẹ bá mú ìdá q nínú ₦264, tẹ́ ẹ yọ èlé kúrò, ₦180 yẹn náà lẹ máa rí. r ni èlé, u ni ohun tá a fi ń sọ owó ṣíà di púpọ̀ tó bá gòkè, d ni ti ìgbà tó bá já wálẹ̀:

```
q = (1 + r - d) / (u - d)
  = (1.1 - 0.8) / (1.2 - 0.8) = 0.75
```

Wọ́n á ní "ẹ ò rí i, 75 nínú 100 ló máa gòkè!" Rárá o. Ẹ fi 0.75 wọn ₦132, kẹ́ ẹ fi 0.25 wọn ₦88, àpapọ̀ ẹ̀ ₦121, ìyẹn ₦110 àti èlé ẹ̀. Nọ́ńbà tó ń jẹ́ kí ṣíà dàgbà bí owó tá a yá síta ni, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá nírètí, ìrètí ẹ̀ ti wà nínú ₦110 yẹn tẹ́lẹ̀, torí tí gbogbo ọjà bá gbà pé ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló máa gòkè, wọ́n á rà á títí tí kò fi ní jẹ́ ₦110 mọ́.

Ó wá ku àsìkò méjì, ibẹ̀ ló dùn jù. Ṣíà lè parí sí ₦158.40, ₦105.60 tàbí ₦70.40, òkè nìkan ló kọjá ₦110, ₦580.80 ló sì ń san lórí ṣíà 12. Ẹ̀yìn la ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti já sí ₦88 ní àárín, kọ́ọ̀lù ti kú. Tó bá wà ní ₦132, ṣíà 11 la nílò, gbèsè á jẹ́ ₦1,056, ohun tá a bá fi kún un ni ₦396. Tẹ́ ẹ bá wá fi ₦396 yẹn àti òfo ṣe bí ti tẹ́lẹ̀, lónìí ó di ṣíà 9, ₦990, ₦720 nínú ẹ̀ jẹ́ gbèsè, kọ́ọ̀lù jẹ́ ₦270.

Ẹ kíyè sí i pé 9 yẹn di 11 lójú ọ̀nà. Tí ṣíà bá dé ₦132, ṣíà 9 ti tó ₦1,188, gbèsè ti di ₦792, ẹ tún yá ₦264 láti fi ra 2 sí i, gbèsè á sì di ₦1,056 tá a sọ yẹn. Ẹni tó bá ta kọ́ọ̀lù yìí, tó wá jókòó ti 9 látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ṣíà bá gòkè lẹ́ẹ̀kejì, ₦554.40 ló máa bá lọ́wọ́ nígbà tó jẹ́ ₦580.80 ló jẹ ẹni tó tà fún, tó bá sì já, ₦79.20 ló máa ṣẹ́ kù tí kò retí. Ibẹ̀ lẹ máa mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ló ń ta láìmọ̀.

Ṣíà gidi ò kì í fò sí ibi méjì péré, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ nípa ìnáwó, Cox, Ross àti Rubinstein, fi gé àsìkò sí wẹ́wẹ́ ní 1979. Owó bùrókà wà, èlé tẹ́ ẹ fi ń yá àti èyí tẹ́ ẹ fi ń gbà ò dọ́gba, níbòmíì ẹ ò lè yá ṣíà tà rárá. Níbẹ̀, iye kan ṣoṣo á di àlàfo láàárín iye méjì. Ìrètí ò ṣáà tún padà wọlé.

Èmi náà ti ṣìṣe níbí rí o. Mo fi èlé ọdún kan, 25 lórí 100, sínú ìṣirò alásìkò kan bíi tòkè yìí, tí àsìkò ẹ̀ jẹ́ oṣù kan, ó gbé ₦237.60 wá fún kọ́ọ̀lù tó yẹ kó kéré, ó sì jọ iye gidi, díẹ̀ ló kù kí n fi ránṣẹ́. q ló tú mi fó, 1.125 ló jẹ́. Tí q bá ti kọjá 1, ó túmọ̀ sí pé owó tá a yá síta ń dàgbà ju ibi tí ṣíà lè gòkè dé, kò sí ẹni tó máa ra ṣíà yẹn nígbà náà. Mo pín èlé yẹn sí oṣù 12, bíi 2 lé díẹ̀ ló kù, q bọ́ sí 0.55, kọ́ọ̀lù já sí bíi ₦143.