Kí ẹ tó fa ọsàn yẹn tu

Ní tèmi o, ẹni tó fi èékánná ha ara igi ọsàn, tó rí àwọ̀ ewé lábẹ́ èèpo, tó wá ń yọ̀ kiri pé igi òun ò tíì kú, ó ti yára jù. Ibo lẹ ti rí àwọ̀ ewé yẹn? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ ọsàn tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọ̀gbìn, igi méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ìdí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọsàn kíkan tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára; ọsàn dídùn tí a torí ẹ̀ náwó ló wà lókè. Ẹ wo ìsàlẹ̀ igi náà dáadáa, ẹ ó rí ibi tó wú tàbí tó tẹ̀ díẹ̀. Ojú àlẹ̀mọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọyẹ́, màmá kan ládùúgbò wa ní kí n wá bá òun fa tòun tu. Igi náà ga dé ìbàdí, kò sì sí ewé kankan lórí ẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ní sùúrù ná." Ṣóńṣó ẹ̀ka la ti bẹ̀rẹ̀, torí irú igi bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbẹ látòkè wá sísàlẹ̀ ni. Èèpo òde nìkan ni mo ha, kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ. (Ẹ má ha á yí igi po o, ẹ ó kàn fọwọ́ ara yín pa á ni.) Lókè, abẹ́ èèpo gbẹ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, bákan náà. Nígbà tó ku bí ìka mẹ́rin ká dé ojú àlẹ̀mọ́, àwọ̀ ewé yọ, omi rẹ̀ sì rin èékánná mi. Màmá pariwo, "Háà, ó ṣì wà!" A gé gbogbo èyí tó gbẹ kúrò títí dé ibi tó tutù.

Ká ní ìsàlẹ̀ ojú àlẹ̀mọ́ nìkan ló tutù ni, ǹ bá ti fà á tu. Ohun tó máa hù níbẹ̀ á yára ga, á lẹ́gùn-ún, ewé rẹ̀ á dán, àwọn èèyàn á sì máa dúpẹ́. Ó di ọdún mélòó kan kó tó so, ọsàn kíkan ni wọn ó ká.

Àwọ̀ ewé lára igi ò sì ní kẹ́ ẹ gbàgbé gbòǹgbò. Ẹ̀ka tí ẹ gé lónìí pàápàá á ṣì tutù lábẹ́ èèpo fún ọjọ́ mélòó kan. Tí omi bá ti ń dúró sídìí igi náà, ẹ wú ilẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fa gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Èyí tó bá yè á le. Tó bá ti jẹrà, èèpo rẹ̀ á bọ́ sí yín lọ́wọ́, á wá ku okùn inú rẹ̀ nìkan. Ẹ má da ajílẹ̀ sí i nígbà tí kò tíì léwé. Omi náà, ó di ìgbà tí ẹ bá ti ìka bọlẹ̀ tó gbẹ.