Èrè lórí ṣíà kan: ẹ má fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan pinnu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ṣíà, èrò ọkàn mi rèé. Èrè lórí ṣíà kan tí iléeṣẹ́ ń kọ gàdàgbà síwájú ìwé ìṣirò ọdún kò tó fi ṣe ìpinnu. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó sábà máa ń kéré sí i, èyí tí wọ́n ka àwọn ṣíà tí kò tíì jáde mọ́. Ìlànà ìṣirò IAS 33, tí àwọn iléeṣẹ́ ọjà ṣíà Nàìjíríà ti ń tẹ̀ lé láti 2012, ló ní kí wọ́n kọ méjèèjì.

Ká sọ pé iléeṣẹ́ kan jèrè mílíọ̀nù 200 náírà lẹ́yìn owó orí, tó sì ní ṣíà mílíọ̀nù 100. Náírà 2 ló kan ṣíà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fún àwọn ọ̀gá ibẹ̀ láǹfààní láti ra ṣíà tuntun mílíọ̀nù 10 ní náírà 15, nígbà tí ìpíndọ́gba iye rẹ̀ lọ́jà lọ́dún yẹn jẹ́ náírà 20. Wọn ò ní ka gbogbo mílíọ̀nù 10 náà o. Mílíọ̀nù 150 náírà tí àwọn ọ̀gá máa san lè ra ṣíà mílíọ̀nù 7.5 lọ́jà. Mílíọ̀nù 2.5 tó kù, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbà á, òun ló sì ń bù nínú èrè tiwa. Náírà 2 di 1.95.

Ó tún ku gbèsè tó lè di ṣíà. Iléeṣẹ́ yìí yá mílíọ̀nù 100 náírà ní èlé 10%, ẹni tó yá wọn sì lè gba ṣíà mílíọ̀nù 20 dípò owó rẹ̀. Bó bá gbà á, wọn ò ní san èlé mílíọ̀nù 10 mọ́. Owó orí 30% á mú mílíọ̀nù 3 níbẹ̀, 7 á wá kún èrè. Ẹ wá pín 207 sí ọ̀nà 122.5: náírà 1.69 péré.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Bí ìpíndọ́gba iye ṣíà bá já sí náírà 14, wọn ò ní ka ti àwọn ọ̀gá rárá, nítorí ta ló máa fi 15 ra ohun tó wà lọ́jà ní 14? Àmọ́ àǹfààní náà kò tíì kú. Bí ọjà bá gòkè, ó ti padà dé nìyẹn. Bí iléeṣẹ́ bá sì pàdánù, ṣíà tuntun máa ń jẹ́ kí àdánù tó kan ṣíà kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni pé ó kéré, ìlànà náà kò sì gbà wọ́n láyè láti kà á. Nọ́ńbà méjèèjì á wá dọ́gba, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé kò sí ṣíà kankan tó ń bọ̀.

Bẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n dọ́gba, ẹ ṣí àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò náà. Dandan ni kí wọ́n dárúkọ ohun tí wọn ò kà síbẹ̀. Ẹ wo iye ṣíà tó lè jáde, iye tí wọ́n máa rà á, àti ọjọ́ tí àǹfààní náà máa parí.