Bí ìbánikẹ́dùn bá ti pẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ kúrú

Mo fẹ́ sọ èrò ọkàn mi lórí ìbánikẹ́dùn tó ti pẹ́. Kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì o. Ti oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́jọ ni mò ń wí, nígbà tí ẹni tó yẹ kó ti kọ ọ́ bá rí orúkọ ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú lórí fóònù, tó sì yára fi ìka gbá a kọjá.

Mo gbà pé kéèyàn ṣì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tí a rò pé òun ni yóò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, òun ló sábà máa ń bà á jẹ́.

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún mi ní ohun tó fẹ́ fi ránṣẹ́ kí n bá a wò ó. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ti kúrò níbi iṣẹ́ wa ló ń kọ ọ́ sí. Ọkọ ìyẹn ti kú láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ohun tó kọ rèé:

“Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ń tì mí gan-an ni. Ó ti yẹ kí n pè yín tipẹ́, àmọ́ iṣẹ́ ò jẹ́, ara mi náà ò yá, lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù mi bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n máa sùn dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé ẹ ti dárí jì mí. Kí ló tilẹ̀ ṣe ọkọ yín gan-an? Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ tí ẹ bá nílò ohunkóhun.”

Ẹ tún un kà. Ta ló kú níbẹ̀? Ẹni tó ń kọ̀wé nìkan la rí: ojú tó ń tì í, àìsàn rẹ̀, oorun rẹ̀, fóònù rẹ̀. Olóògbé ò yọjú àfi nínú ìbéèrè kan ṣoṣo, ìbéèrè náà ló sì burú jù, torí pé yóò mú kí opó náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ikú ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ló gbé lé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́: kó wá tu ẹni tó pẹ́ nínú, kó dárí jì í, kó sì ròyìn ikú. Tí ẹ bá wá fi “ẹ jẹ́ kí n mọ̀ tí ẹ bá nílò ohunkóhun” kún un, ó di mẹ́rin, nítorí òun náà ni yóò tún máa ronú ohun tó lè bèèrè lọ́wọ́ rẹ.

Àwáwí mẹ́ta yẹn náà ò ran ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ì bá ṣeé gbà gbọ́. Mẹ́ta ń tú ara wọn fó ni. Ẹni tó ní fóònù òun bàjẹ́ ni wọ́n sì ń rí tó ń gbé àwòrán ọjọ́ ìbí sórí sítátọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ àwọn tó pè é, ó sì mọ àwọn tí kò pè é.

Mo bi àbúrò mi pé, “Kí ló fà á gan-an?” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Nígbà tó sì ti pẹ́, ojú ń tì mí.” Mo ní ó ti parí nìyẹn, kó kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. (Ẹni tí kò gbọ́ rárá títí di àná ní tirẹ̀ ò jẹ ẹ̀bẹ̀ kankan. Kó kàn sọ pé àná lòun gbọ́, kó sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àmọ́ tó o bá ti gbọ́ tipẹ́, má ṣe kọ “mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni”. Ẹni tó sọ fún ọ lè wà nítòsí rẹ̀.)

Ẹ̀rù tún ń ba àbúrò mi pé bóyá òun yóò tún ọgbẹ́ tó ti ń jinná ṣí. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń pọ̀ débi pé èèyàn ò lè ka ìdajì wọn. Ìgbà tó bá di oṣù bíi mélòó kan ni fóònù máa ń dákẹ́, tí kò sí ẹni tó tún ń dárúkọ olóògbé mọ́. Kódà nínú ìwé àkójọ àìsàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò láti ọdún 2022, ìbànújẹ́ ọ̀fọ̀ kì í bọ́ sí ìlà àìsàn tí kò bá tíì lé ní oṣù 6, bó ti wù kó le tó. Àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ní tiwọn sọ pé ó kéré tán, kó pé oṣù 12 fún àgbàlagbà. Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́jọ ò tíì tutù.

Ohun tó wá fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn nìyí:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ṣaláìsí. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo bá dákẹ́. Nígbà tó sì ti pẹ́, ojú ń tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ṣì ń rántí ìrọ̀lẹ́ tí òjò dá wa dúró níbi iṣẹ́, tí wọ́n wá gbé yín. Wọ́n ní kí gbogbo àwa tó kù wọlé sínú ọkọ̀, wọ́n sì ń já wa sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi orúkọ mi pè mí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré la ti pàdé rí. Ọlọ́run á máa tù yín nínú. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti fèsì. Màá pè yín nírọ̀lẹ́ Sátidé. Tí kò bá rọrùn láti gbé e, kò sí wàhálà rárá.”

Ẹ̀bẹ̀ kúrú, òótọ́ sì ni. Ìtàn òjò yẹn ló gba àyè jù, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ó lè má jẹ́ ohun tí opó náà rántí mọ́. Kò sí “Ọlọ́run mọ̀ ọ́n ṣe” níbẹ̀. Èmi kì í fẹ́ràn gbólóhùn yẹn lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe òun ni èèyàn rẹ̀ kú. Kò sì sí “mo mọ̀ pé ara ti ń balẹ̀ báyìí”. Ta ló sọ fún un?

Ibi tó yẹ kí àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti bá a ṣe pàtàkì. Kó jẹ́ láàárín ẹ̀yin méjèèjì, kì í ṣe lábẹ́ àwòrán tó gbé síta fún gbogbo ayé. Má sì fi ohun tó o fẹ́ tọrọ tẹ̀ lé e, kódà lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá bánikẹ́dùn ní Mọ́ńdè tó wá ń wá owó yíyá ní Ọjọ́rú, ó sàn kó má kọ nǹkan kan.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ò tó fún gbogbo èèyàn o. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lo jẹ́, tí wọ́n ń retí rẹ tí wọn ò rí ọ, fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ṣáájú kí ojú rẹ má bàa já lù ú lójijì, lẹ́yìn náà kó o dìde lọ bá a.

Tí kò bá sì fèsì, má ṣe fi “ṣé ẹ rí i?” ránṣẹ́. O ti sọ fún un pé kò pọn dandan.