Ọjọ́ méjì dára, owó ẹni tó ta ìpín ńkọ́?

Láti ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kọkànlá, 2025, ni SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìpín ìdókòwò ní Nàìjíríà, ti ní kí ẹni tó bá ra ìpín máa gbà á lọ́jọ́ iṣẹ́ kejì lẹ́yìn ọjọ́ tó rà á, dípò ọjọ́ kẹta tó ti mọ́ wa lára. A kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ẹni tó ta ìpín, tá a ti ń sọ bọ̀ látẹ̀yìn, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Ká ní ìyá kan n'Ìbàdàn ra ìpín 1,000 lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ní náírà 20 ẹyọ kan. Lójú ẹsẹ̀ ni fóònù kọ ọ́ pé wọ́n ti ní in. Wọn ò tíì ní in. Àkọsílẹ̀ alágbàtà tó bá wọn rà á ni wọ́n ń wò. Àdéhùn lásán ló wà nílẹ̀: ẹnì kan gbà láti tà, àwọn náà gbà láti rà. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kejìlá, kí CSCS, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ìpín, tó yọ ìpín náà kúrò lórúkọ ẹni tó tà á, kó kọ ọ́ sí orúkọ màmá, kí owó sì gba báǹkì kọjá lọ́jọ́ kan náà. Ìgbà yẹn ló tó di tiwọn.

Ibi ìpín kọ́ ló ń dùn wá, ibi owó ni. Wọn kì í san owó ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan; wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni, ẹni tí gbèsè rẹ̀ bá ju owó tó yẹ kó gbà lọ á san ìyàtọ̀ rẹ̀ nìkan. Bí àwọn oníbàárà alágbàtà kan bá ra ọjà mílíọ̀nù 50 náírà, tí àwọn mìíràn lọ́dọ̀ rẹ̀ kan náà sì ta ti mílíọ̀nù 40, mílíọ̀nù 10 péré ló máa san síta. Nínú 50 tí àwọn tó rà san fún un, mílíọ̀nù 40 tó jẹ́ ti àwọn tó tà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olóòótọ́ á pín in fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Aláìṣòótọ́ á ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ní ti ọjà, ìṣirò ti pé, iṣẹ́ ti parí. Ọjọ́ méjì tí SEC ń yangàn sí kò dé ibẹ̀.

Oògùn rẹ̀ ò jìnnà: kí owó máa wọ àkáǹtì ẹni tó tà tààrà. Ètò náà ti wà fún ọdún bíi mélòó kan, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń lọ fọwọ́ síwèé. Mélòó nínú àwọn arúgbó tó ní ìpín ló gbọ́ ọ rí? Ẹ̀yin ọ̀gá SEC, kí lẹ tún ń dúró dè? Ẹ sọ ọ́ di dandan. Ẹni tí kò bá fẹ́ ni kó wá kọ̀wé. Ó ti sú wa láti máa tún un kọ.

Ní ti màmá, lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí wọ́n má wo fóònù alágbàtà mọ́. Àkáǹtì CSCS tiwọn gan-an ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Bí 1,000 yẹn ò bá sí níbẹ̀, kí ìwé ẹ̀sùn wọn ti wà lọ́fíìsì alágbàtà láàárọ̀ ọjọ́ Rú.